Ta Ló Ya Àwòrán Yìí, Èmi Àbí Pákó?

Ní oṣù kẹrin ọdún 1925, ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Pierre Naville, ẹni ọdún mọ́kànlélógún péré, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Páríìsì pé kò sí ohun tó ń jẹ́ àwòrán Sùríálísíìmù. Ẹ má gbàgbé o, ìwé ìròyìn àwọn Sùríálísíìmù gan-an ni, òun fúnra rẹ̀ sì wà lára àwọn olóòtú rẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí ìyá ẹlẹ́wà bá dìde láàárín ọjà, tó ní kò sóhun tó ń jẹ́ ẹ̀wà.

Ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀, ẹ fa àga súnmọ́. Mo fẹ́ sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin yẹn fi ká mi lára, ohun tí ọkùnrin kan ṣe ní oṣù mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀, àti ohun témi náà rí nígbà tí mo dán an wò nílé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń tẹ̀lé mi tipẹ́ mọ iṣẹ́ mi. Ojú èèyàn ni mo máa ń yà. Ẹ ó fi fọ́tò ránṣẹ́, màá fi rúlà pín in sí igun mẹ́rin kéékèèké, màá pín bébà náà bákan náà, màá wá máa kó ohun tó wà nínú igun kọ̀ọ̀kan sórí bébà. Tó bá tó ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún, ojú yín á jáde, títí kan òógùn orí imú. Ibẹ̀ ni owó oúnjẹ mi ti ń wá, mi ò sì ní bú u láé. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tó máa ń jí mi lóru: tí wọ́n bá gba fọ́tò yẹn lọ́wọ́ mi, kí ni ọwọ́ mi lè dá yà?

Ìdí nìyẹn tí àwọn ará Páríìsì wọ̀nyí fi wọ̀ mí lára. Olórí wọn, André Breton, ti kọ́ nípa ìṣègùn, ó sì ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn tí wọ́n ń kó àwọn sójà tí ogun ti da orí wọn rú lọ. Ní 1919, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Philippe Soupault jókòó, wọ́n ń kọ̀wé kíákíá láìní kókó kankan lọ́kàn, láìwẹ̀yìn wo ohun tí wọ́n ti kọ. Nígbà tó di oṣù kẹwàá ọdún 1924, Breton gbé ìkéde ẹgbẹ́ náà jáde. Ohun tó pè ní Sùríálísíìmù níbẹ̀ ni kí èrò máa sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, kí làákàyè má ṣọ́ ọ, kí èèyàn má bìkítà bóyá ó rẹwà tàbí kò rẹwà.

Ó dáa. Ọ̀rọ̀ ẹnu yára. Ṣùgbọ́n àwòrán ńkọ́? Ọ̀nà méjì ni Naville tì pa. Ó ní ìlà tí ọwọ́ kàn ń fà kiri kì í ṣe é, àwòrán tó ń tẹ̀ lé ohun tí èèyàn rí lójú àlá náà kì í ṣe é. Bí èmi ṣe rò ó rèé: àwòrán máa ń pẹ́. Kó o tó kun òjìji èjìká kan tán, làákàyè ti padà wọlé, ó ti gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó ti ń pàṣẹ. Àlá wá burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. O jí, o wá bébà, o wá pẹ́ńsù, nígbà tó o bá máa bẹ̀rẹ̀, ohun tó o rántí lò ń yà, kì í ṣe àlá mọ́. Fọ́tò ni, inú orí lo kàn gbé e sí. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ yẹn ba èmi tí mò ń ya fọ́tò jẹun níbi tó dùn mí.

Kí Naville tó sọ̀rọ̀, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ André Masson ti ń dán ọ̀nà kan wò. Sójà lòun náà tẹ́lẹ̀, wọ́n ṣe é léṣe láyà lójú ogun ní 1917. Ní nǹkan bí 1924, ó ń ya ohun tí màá pè ní àwòrán àìròtẹ́lẹ̀. Gègé àti íńkì ló fi ń yà á. Kò ní ohunkóhun lọ́kàn tó fẹ́ yà. Gègé á máa sáré lórí bébà, ìlà á máa yí, á máa lọ́ mọ́ra wọn. Níbẹ̀rẹ̀, ìlà lásán ni. Tó bá yá, ọwọ́ kan á yọ, tàbí èjìká, tàbí ọmú, nígbà náà ni yóò tó pinnu bóyá kó tọ ọ̀nà ibẹ̀ lọ tàbí kó dúró.

Ẹ wo ìdí tí íńkì fi ṣe pàtàkì: kílíínà ò lè pa á rẹ́. Ẹni tó bá ní kílíínà lọ́wọ́ ti ní ọlọ́pàá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Yóò ya díẹ̀, yóò pa díẹ̀, ohun tó bá sì ṣẹ́ kù á jẹ́ ohun tí ọlọ́pàá fọwọ́ sí.

Èmi náà mú bíírò, mo fi fóònù ka ìṣẹ́jú mẹ́ta fún bébà kọ̀ọ̀kan, mo ya mẹ́wàá. Mo tẹ́ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ojú yọ nínú mẹ́fà, ojú kan náà tí mo máa ń yà fún àwọn oníbàárà, tó tún ní àmì ìmọ́lẹ̀ funfun kékeré lápá òsì. Ọwọ́ dà bí awakọ̀ dánfó tó ti ń ná ọ̀nà kan fún ọdún mẹ́wàá: bó ń sùn, ó mọ bọ́sítọ́ọ̀bù. Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ nìyẹn o. Ẹ má wo ẹyọ kan, torí ẹyọ kan máa ń jọ ìyanu. Ẹ kó wọn jọ. Ohun tó bá ń padà wá nínú gbogbo wọn, àṣà ọwọ́ ni, kò ti ibi jíjìn kankan wá.

Masson bá ìṣòro míì pàdé. Gègé lè sáré, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní kó fi ọ̀dà orí kánfáàsì ṣe irú rẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì á gbẹ, yóò ní láti dúró kó tún un tì bọnú ọ̀dà, ibi tó ti dúró yẹn ni làákàyè ń bá wọlé. Lọ́dún 1926, ó gbọ̀nà ibòmíì yọ. Ó da lẹ́ẹ̀ funfun sórí kánfáàsì níbi tó bá wù ú, ó da iyanrìn lé e, ó gbá èyí tí kò lẹ̀ mọ́ ọn kúrò. Èyí tó lẹ̀ mọ́ ọn á wá ní ìrísí tí kò sẹ́ni tó gbèrò rẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó wá fi ìlà díẹ̀ àti àwọ̀ díẹ̀ sí i. Ọ̀kan nínú wọn, Ìjà Àwọn Ẹja, wà ní mùsíọ́mù MoMA ní Niu Yọ́ọ̀kì. Iyanrìn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, Masson ló gbọ́ ọ sí ẹja.

Ẹ di ibẹ̀ yẹn mú: ẹnì kan sọ, ẹlòmíì gbọ́. Torí òun ló kan Max Ernst báyìí.

Ọmọ Jámánì ni Ernst, ìmọ̀ ọgbọ́n orí ló lọ kọ́ ní yunifásítì ní Bonn, Páríìsì ló sì ń gbé láti 1922. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹjọ ọdún 1925, ó wà ní ilé ìgbàlejò kan létí òkun ní Pornic, nílẹ̀ Faransé. Pákó ni wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ yàrá náà, wọ́n sì ti fọ̀ ọ́ lemọ́lemọ́ débi pé àwọn ìlà inú igi ti jìn wọnú. Ó ń wo ilẹ̀ náà, kò lè gbójú kúrò. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ lẹ́yìn náà pé ó rán òun létí pákó kan tó kọjú sí ibùsùn òun lọ́mọdé, èyí tí wọ́n kùn kó lè dà bíi máhógánì, tí òun máa ń rí oríṣiríṣi nǹkan lára rẹ̀ tí oorun bá fẹ́ gbé òun lọ.

Ló bá ju bébà sílẹ̀ síbi tó bá bọ́ sí, ó sì fi pẹ́ńsù dúdú ra orí rẹ̀. Ìlà igi jáde sórí bébà. Bó ṣe ń wò wọ́n, ohun míì ń yọ: ẹranko, igbó, òkun. Ó bọ́ sórí ewé, àpò tí etí rẹ̀ ti já, òwú tó tú kúrò lára kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Fúrọ́táàjì ni wọ́n ń pe ọ̀nà yìí, ọ̀rọ̀ Faransé tó túmọ̀ sí kí a fi nǹkan ra nǹkan. Ní 1926, ó kó mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n jọ sínú àkójọ kan tó pè ní Ìtàn Ìṣẹ̀dá. Nínú ọ̀kan tó ń jẹ́ Àgbá Ìmọ́lẹ̀, ẹyinjú ńlá kan ló ń wo wa.

Ẹ rí ohun tó ṣe? Masson ní kí ọwọ́ sáré kí làákàyè má bá a. Ernst gba ìlà lọ́wọ́ ọwọ́ pátápátá, ó gbé e fún ilẹ̀. Ilẹ̀ kò ní àṣà ojú tó ń yà fún oníbàárà. Mi ò sọ pé Naville ló ń dá lóhùn o, ṣùgbọ́n èmi rí èsì níbẹ̀.

Ilé ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń gbé, káfíńtà ni wọ́n. Mo mú bébà dé ṣọ́ọ̀bù wọn.

"Kí lò ń wá kiri?"

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, pákó tí mo lè fi pẹ́ńsù ra ni."

Wọ́n fi ojú tábìlì kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ parí hàn mí, wọ́n ní kí n ra ìyẹn wò ná. Mo rà á. Eérú lásán ló jáde, bí ojú ọ̀run ìgbà ọyẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Mo ti fi pílénì gé e, mo fi sáńdípépà pa á, mo kun fánííṣì. Gbogbo ohun tó ò ń wá ni mo ti pa rẹ́. Iṣẹ́ mi nìyẹn."

Wọ́n wá là á yé mi. Igi kì í le bákan náà káàkiri. Ibi kan nínú rẹ̀ rọ̀, ibi kan le. Omi àti kànìnkànìn á máa jẹ ibi tó rọ̀ díẹ̀díẹ̀, ibi tó le á dúró sókè. Òkè yẹn ni pẹ́ńsù ń bá pàdé. Pákó tuntun kò ní in, àfi téèyàn bá fi búrọ́ọ̀ṣì oníwáyà họ ọ́. Wọ́n nawọ́ sí bẹ́ǹṣì kan tó wà lẹ́yìn ilé, bẹ́ǹṣì tí àwọn oníbàárà màámi ń jókòó lé nígbà tí wọ́n ṣì ń ta oúnjẹ. Alaalẹ́ ni màámi máa ń fi ọṣẹ àti kànìnkànìn fọ̀ ọ́, fún ọdún mọ́kànlá.

Bí mo ṣe ṣe é nìyí, kẹ́ni tó bá fẹ́ lè tẹ̀ lé e. Bébà fótókọ́pì ni mo lò, torí bébà tó nípọn kì í jẹ́ kí ìlà kéékèèké kọjá. Pẹ́ńsù 6B, torí HB le jù, ṣe lo máa tẹ̀ ẹ́ títí bébà á fi ya. Mo ju bébà sílẹ̀ láìwo ibẹ̀, ibi tó bá bọ́ sí, mo fi sẹ́lótéèpù mú igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́lẹ̀, torí tí bébà bá yẹ̀ díẹ̀ báyìí, ìlà á di méjì méjì. Mo wá dẹ pẹ́ńsù sí ẹ̀gbẹ́ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn, mo rà á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, apá kan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mẹ́fà ni mo ṣe. Mo kó wọn pamọ́ di ọjọ́ kejì.

Ọjọ́ kejì ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Mo gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan kọ́ ara ògiri, mo ń yí i lọ́nà mẹ́rin. Yíyí yẹn ṣe kókó, torí tó o bá wò ó bó ṣe rà á nìkan, pákó lo máa máa rí, ṣé o ṣáà mọ̀ pé pákó ni. Nínú márùn-ún, mi ò rí nǹkan kan tó dá mi dúró. Ẹ̀kẹrin ní kókó igi méjì, ìlà sì ń ṣàn yí wọn ká bí omi tó bá òkúta pàdé. Ihò ìṣó kan wà níbẹ̀, ó funfun roboto. Nígbà tí mo yí i dorí kodò, nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbẹ̀, ó kẹ̀yìn sí mi. Ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ̀, ó wúwo. Mi ò mọ̀ bóyá ẹranko ni.

Ìlà méje péré ni mo fi kún un. Ọ̀kan fún ilẹ̀, nísàlẹ̀ gan-an. Mẹ́ta fún etí ẹ̀yìn náà, mẹ́ta fún èjìká. Ibí yìí ni kílíínà tó wọlé: mo fi nu àyíká ẹ̀yìn náà kó lè dá dúró nínú òfìfo. Gbogbo ohun tó kù, bí pákó ṣe fi í sílẹ̀ ni. Ọwọ́ mi ń yún mi láti sọ ihò ìṣó yẹn di ẹyinjú. Mi ò ṣe é. Ẹyinjú yẹn ni ì bá jẹ́ ojú oníbàárà tó tún padà wá. Ohun tó sì máa ń ba irú àwòrán yìí jẹ́ nìyẹn: èèyàn á rí nǹkan, inú rẹ̀ á dùn, á wá máa parí rẹ̀, á máa parí rẹ̀, títí kò fi ní sí àyè mọ́ fún ẹlòmíì láti rí ohunkóhun.

Mo fi han bọ̀ọ̀dá mi. Wọ́n kọ́kọ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

"Pákó ló ya èyí. Kí ni ìwọ wá ṣe níbẹ̀? Wàá sì gbowó?"

Mo ní kí wọ́n wò ó dáadáa. Wọ́n wò ó pẹ́. Ẹ̀rín kúrò lójú wọn.

"Màámi ni," ni wọ́n wí. "Wọ́n ń fẹ́ná."

Èmi ò rí màámi níbẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́. Láti ìgbà náà, mi ò rí nǹkan míì.

Mo ti ro ìbéèrè wọn títí. Pákó kò mọ̀ bóyá ẹ̀kẹrin dáa ju ìkejì lọ. Kò mọ bí a ṣe ń yí bébà dorí kodò, kò sì mọ ìgbà tó yẹ kéèyàn dúró. Kádàrá lè mú ìlà wá, kò lè yan ìlà. Yíyàn ni iṣẹ́ mi. Ṣùgbọ́n mi ò lè sọ pé èmi nìkan ni mo yà á, torí igi ló hù ú, kànìnkànìn màámi ló gbẹ́ ẹ. Ohun tí bọ̀ọ̀dá mi rí, ara wọn ló ti wá. Ẹ ò ní rí i.

Àlá ńkọ́? Ọ̀nà kejì tí Naville tì pa nìyẹn. Salvador Dalí, tó dara pọ̀ mọ́ wọn ní 1929, kọ ọgbọ́n kan sínú ìwé rẹ̀ kan tó jáde ní 1948. O jókòó sórí àga ọlọ́wọ́, o fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá di kọ́kọ́rọ́ wúwo kan mú, o da àwo dojú bolẹ̀ síbi tí kọ́kọ́rọ́ máa jábọ́ sí. Bí oorun bá ti gbé ọ báyìí, ìka á tú, kọ́kọ́rọ́ á já lu àwo, wàá jí. Oorun náà ò tó ìṣẹ́jú kan.

Mo lo kọ́kọ́rọ́ àgádágodo àti àwo tánganran. Ohun tó o máa ń rí kì í ṣe àlá tó ní ìtàn, ègé lásán ni: ìrù tí kò ní ẹran lára, àtẹ̀gùn tó rọ̀ bíi búrẹ́dì. Àǹfààní rẹ̀ ni pé àárín rírí àti yíyà kò jìnnà, ìrántí ò tíì ráyè tò ó. Bébà ti gbọ́dọ̀ wà lórí itan rẹ, kó o sì yà á kó o tó sọ ọ́. Tó o bá kọ́kọ́ sọ ọ́ fún ẹnì kan, tàbí tó o kọ ọ́, ọ̀rọ̀ á ti parí rẹ̀ fún ọ. "Mo rí àtẹ̀gùn," lo máa wí, wàá sì ya àtẹ̀gùn ilé yín. Tó bá ti rẹ̀ ọ́ jù, kọ́kọ́rọ́ á já, o ò sì ní gbọ́. Ó ti ṣe mí rí.

Kò sí èyí tó ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ nínú gbogbo wọn. Breton fúnra rẹ̀, ní 1933, kọ̀wé pé kìkì àgbákò ni ìtàn ìwé àìròtẹ́lẹ̀ nínú ẹgbẹ́ àwọn. Bẹ́ǹṣì màámi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lọ́wọ́ mi, torí mo ti mọ ibi tí kókó igi rẹ̀ wà. Tí mo bá ju bébà báyìí, ọwọ́ mi ti ń jù ú síbi tó wù ú. Ó ti di bọ́sítọ́ọ̀bù. Mo ti bọ́ sórí ẹní, ìlẹ̀kùn páànù, àti àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà.

Mo ṣì ń ya ojú èèyàn o, ẹ má bínú, ẹ ṣì máa fi fọ́tò ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn bébà kọ̀ọ̀kan tí mo bá rà báyìí, mo máa ń kọ ìlà méjì. Àkọ́kọ́: ohun tí nǹkan náà ṣe. Ìkejì: ohun tí mo ṣe. Lẹ́yìn ẹ̀kẹrin, mo kọ: "Bẹ́ǹṣì: ìlà, kókó méjì, ihò ìṣó. Èmi: mo yí i, mo fi ìlà méje kún un, mo dúró." Lẹ́yìn tí bọ̀ọ̀dá mi kúrò níbẹ̀, mo fi ìkẹta kún un: "Bọ̀ọ̀dá: màámi." Ara ògiri yàrá wọn ló wà báyìí. Wọn ò fún mi lówó rẹ̀ o.